Upwork ni àbí Fiverr, ìgbà wo ló sì yẹ kí a kúrò níbẹ̀ lọ bá oníbàárà tààrà?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọmọkùnrin aládùúgbò mi kan ní Òkè-Báálẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, fóònù lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ni, ó sì ń ya àwòrán ìpolówó fún àwọn oníṣòwò òkè òkun. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí." Oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì tà nílùú Ọba, ló kọ̀wé sí i pé kí àwọn méjèèjì fi Upwork, ìkànnì iṣẹ́ tí wọ́n ti pàdé, sílẹ̀, kí òun máa san owó sí bánkì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa yọ nínú rẹ̀ mọ́. Inú ọmọ náà ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì mìíràn, ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi ti àkáǹtì rẹ̀ pa.

Ọ̀rọ̀ yìí ń da ọ̀pọ̀ láàmú níbí. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ń bèèrè ìkànnì tó yẹ kóun wọ̀, ẹni tó ti wà níbẹ̀ ń bèèrè ìgbà tó yẹ kóun jáde. Mo rí i pé ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì wà lójú kan náà: kí ẹ mọ ohun tí owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ yín ń rà fún yín.

Kí ni ìkànnì ń tà fún wa gan-an?

Ká kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ òmìnira, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fírílánsì, ni iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún ẹni tó bá gbé e wá, láìjẹ́ pé ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ olóṣù rẹ̀. Ìkànnì iṣẹ́ ni ibi tí ẹni tó ní iṣẹ́ àti ẹni tó lè ṣe é ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí owó sì ń gba ọwọ́ ìkànnì kọjá. Oníbàárà tààrà ni ẹni tó mọ̀ yín fúnra yín, tó ń san owó fún yín láìsí ẹnì kankan láàárín.

Ẹ wo dírẹ́bà tó ń gbé èrò láti Old Garage lọ sí Ìbàdàn. Ó ń san owó gáréèjì, kì í sì í bínú san án, nítorí ibẹ̀ ni èrò ń wá fúnra wọn. Ó tún ní àwọn tó ń pè é lórí fóònù fún ṣátà, tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ wá gbé mi lágogo márùn-ún ìdájí." Àwọn yẹn kò kan gáréèjì rárá. Ohun àkọ́kọ́ tí ìkànnì ń tà nìyẹn: èrò.

Ohun kejì kò sí ní gáréèjì. Ìkànnì máa ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á tọ́jú rẹ̀, á sì gbé e fún yín nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n wá fi owó náà sọ́wọ́ bàbá àgbà kan tí àwọn méjèèjì fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka èyí sí, títí di ọjọ́ tí a bá ṣiṣẹ́ fún ẹni tí bàbá àgbà kò sí láàárín àwa àti òun. Mo máa padà sórí èyí, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ṣé àkàrà ni iṣẹ́ yín, àbí aṣọ rírán?

Ìkànnì pọ̀, ṣùgbọ́n Fiverr àti Upwork ni wọ́n máa ń bi mí léèrè jù, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ọjà sì yàtọ̀ síra.

Ẹni tó ń dín àkàrà gbé e sójú agbada, gbogbo ayé rí i, wọ́n mọ iye tó ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ló ń wá. Bí Fiverr ṣe rí nìyẹn. Ẹ ó kọ ohun tí ẹ ń ṣe àti iye rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní Gig, ẹ ó sì máa retí kí oníbàárà fi ọ̀rọ̀ wá a kàn. Iṣẹ́ tí ìrísí rẹ̀ kò yí padà láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan sí èkejì ló bá ibẹ̀ mu: kíka ọ̀rọ̀ ìpolówó lédè Yorùbá sínú rẹ́kọ́dà, fífi ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò, yíya àmì ilé iṣẹ́.

Télọ̀ kì í kọ iye sójú pátákó. Ó ní láti wo aṣọ, kó wọn ara yín, kó bèèrè bóyá ti ìgbéyàwó ni àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Upwork ṣe rí nìyẹn. Oníbàárà ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ lẹ́tà láti bèèrè fún un, ẹ ó sì jọ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fẹnu kò. Ìṣirò owó ilé iṣẹ́, kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, bíbá ènìyàn bójú tó lẹ́tà àti ìpàdé rẹ̀ lóṣooṣù, ibẹ̀ ló yẹ wọ́n. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, pípẹ́ náà sì ṣe pàtàkì, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Ní tèmi, ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kò yẹ kó wọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ rere tí àwọn oníbàárà ń kọ sílẹ̀ ló ń mú kí ẹlòmíì gbà yín gbọ́, èyí tí ẹ sì kó jọ lórí ọ̀kan kò lè bá yín dé èkejì. Ẹni tó pín ọdún àkọ́kọ́ sí méjì á rí i pé ọ̀nà méjèèjì kò ì gbóná.

Èló ni wọ́n ń yọ?

Fiverr ń mú dọ́là 20 nínú 100 tí oníbàárà bá san fún yín, títí kan owó tó bá fi ta yín lọ́rẹ. Iṣẹ́ dọ́là 50 di 40. Tí oníbàárà bá ti gba iṣẹ́, ẹni tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ á tún dúró fún ọjọ́ 14 kí owó tó ṣeé gbé. Bí iná yín bá ń jẹ epo bẹntiróòlù, ẹ ka ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn mọ́ ìṣirò yín.

Fún ọdún bíi méjì, Upwork mú 10 nínú 100, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, iye náà lè jẹ́ òdo, ó sì lè tó 15, ó dá lórí iṣẹ́. Wọ́n máa ń fi iye tirẹ̀ hàn yín kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, kì í sì í yí padà títí iṣẹ́ náà fi parí. Ẹ wò ó kí ẹ tó dá iye lé iṣẹ́.

Ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣi ìṣirò ṣe kì í ṣe ibẹ̀, àmọ́. Lórí Upwork, lẹ́tà kíkọ gan-an ń jẹ owó. Wọ́n ń fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní Connects san án, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ǹtì 15, iṣẹ́ kan sì lè gba mẹ́jọ, ó lè gba ogún. Ká ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba 16. Lẹ́tà kan di dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 40. Ká ní ẹ kọ 20 kí ẹnì kan tó gbà yín, dọ́là 48 ti lọ. Iṣẹ́ náà wá jẹ́ ti dọ́là 100. Ká ní ìkànnì yọ 10, ó ku 90. Ẹ yọ 48 nínú rẹ̀, ó ku 42.

Ẹni tó bá rí èyí á rò pé ìrẹ́jẹ ni. Ẹ dúró ná. Bí oníbàárà yẹn bá gbé iṣẹ́ dọ́là 100 mìíràn wá lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kò kọ lẹ́tà kankan sí i, nítorí náà 90 ló wọlé. Lóṣù kẹta, 90 tún ni. Oníbàárà kan tó bá pẹ́ lọ́wọ́ yín sàn ju mẹ́wàá tó gbé iṣẹ́ kan wá tí kò padà wá mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń ya àmì ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré pé kí wọ́n má fi Connects wá oníbàárà, kí wọ́n lọ gbé àkàrà wọn sójú agbada.

Ṣé mo lè mú oníbàárà wọn jáde?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀ mọ́ra, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ ọmọ Òkè-Báálẹ̀ yẹn ti ṣubú.

Àdéhùn tí a tẹ̀ "gbà" sí nígbà tí a ń forúkọ sílẹ̀ lórí Upwork sọ pé, fún ọdún méjì láti ìgbà tí ẹ bá ti pàdé ẹnì kan níbẹ̀, gbogbo owó tó bá fẹ́ san fún yín gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Tí ọdún méjì bá pé, ẹ lè jọ máa lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kúrò kó tó pé, owó ìtúsílẹ̀ wà, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ lórí ohun tí ẹ lè pa lọ́dọ̀ oníbàárà náà láàárín ọdún kan, kì í ṣe lórí ohun tí ẹ ti pa. Fún iṣẹ́ kékeré, owó náà lè ju èrè lọ. Fiverr ní tirẹ̀ kò fàyè gba kí a gba owó oníbàárà wọn lẹ́yìn wọn rárá.

Ohun tí àwọn ènìyàn sì ń pa pọ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ àti owó sísan. Lórí Upwork, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà fóònù tàbí í-meèlì ránṣẹ́. Tí àdéhùn iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí Wasáàpù bí ẹ bá fẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Owó ni kò gbọ́dọ̀ gba ibòmíì. Lórí Fiverr, ọ̀rọ̀ sísọ gan-an, inú ìkànnì ni wọ́n fẹ́ kó wà. Ọ̀rẹ́ ọmọ yẹn kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́, ó tún fi nọ́ńbà àkáǹtì bánkì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ló ń ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, kì í sì í sùn.

Nítorí náà, kíkúrò lórí ìkànnì kò túmọ̀ sí kíkó èrò gáréèjì sá gba ẹ̀yìnkùlé. Ó túmọ̀ sí kí àwọn oníṣátà yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi nílò gáréèjì mọ́. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń wá.

Ìṣirò tí a ṣe lórí tábìlì mi

Mo ní kí ọmọ náà jókòó, mo fa ìwé kan yọ, mo ní kó máa sọ òótọ́ fún mi bí mo bá ń bi í léèrè. Oníbàárà olóníbúrẹ́dì ń san dọ́là 300 lóṣù. Àwọn méjì mìíràn tó wà lórí ìkànnì kan náà ń san 150 lápapọ̀. Gbogbo àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 10 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lórí rẹ̀. Oṣù méje ló ti mọ obìnrin náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ku oṣù 17 kí ọdún méjì tó pé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: èló lo máa rí pamọ́ bí o bá kúrò? Dọ́là 30 lóṣù. Ó fò sókè díẹ̀ nígbà tó rí i pé, ní oṣù 17, ó jẹ́ 510. Mo ní kó ṣe sùúrù. Owó tó bá ti bánkì ìlú Ọba wá sí àkáǹtì dọ́là níbí máa ń gba ọwọ́ àwọn bánkì àárín kọjá, tí àwọn náà ń yọ tiwọn. Nínú 30 yẹn, a kò mọ èyí tó máa dé Òṣogbo.

Ìbéèrè kejì: kí lo máa pàdánù bí wọ́n bá mọ̀? Àwọn méjì yòókù lọ, dọ́là 135 lóṣù lẹ́yìn tí a ti yọ ti ìkànnì. Gbogbo ìràwọ̀ tó fi oṣù méje kó jọ lọ. Bí olóníbúrẹ́dì náà bá wá dáwọ́ dúró lẹ́yìn oṣù méjì, nítorí ọjà rẹ̀ kò tà, ọmọ náà á padà sí òdo, láìní gáréèjì tó lè padà sí.

Ó dákẹ́. Ó wo ìwé náà. "Àǹtí, nítorí dọ́là 30?"

Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí dọ́là 30 tí kò tíì dájú pàápàá. Mo wá bi í ní ìbéèrè kẹta, èyí tí mo kà sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀: nínú gbogbo iṣẹ́ tó o ṣe láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, mélòó ló wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí ọ lórí ìkànnì? Ó ronú. Ọ̀kan ni. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ àti bátíìkì, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà, ni ọmọ náà bá ya àwọn fọ́tò rẹ̀, tó sì kọ ọ̀rọ̀ sí wọn. Naira ló fi san án. Iṣẹ́ yẹn, ọmọ náà kò kà á sí iṣẹ́ fírílánsì rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oníbàárà tààrà rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí a kúrò?

Àmì tí mo máa ń wò ni èyí: tí owó tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà tààrà bá ti lè san dátà, iná, ilé àti oúnjẹ yín fún oṣù mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, tí kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń san án. Ẹnì kan kò tó, iye yòówù kó máa san. Mo fẹ́ kí wọ́n tó mẹ́ta, kí ọ̀kan tó bá lọ má lè kó ìkòkò yín kúrò lórí iná. Kó tó di ìgbà náà, ìkànnì ṣì ń ta ohun tí ẹ nílò fún yín. Lẹ́yìn rẹ̀ náà, ẹ má pa àkáǹtì rẹ́. Ẹ kàn dẹ́kun ríra Connects, ẹ gbé iye yín sókè, kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ yín níbẹ̀ san owó tó tó yín.

Ẹni tó bá sì jáde gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ti fi bàbá àgbà tó ń di owó mú sílẹ̀. Mo sọ pé mo máa padà sórí èyí. Iṣẹ́ tèmi ni gígé fídíò. Nígbà tí mo gba oníbàárà tààrà mi kejì, a fẹnu kò sí dọ́là 180 fún fídíò mẹ́fà. Mo parí wọn ní òru, iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà kù díẹ̀, mo sì ń sáré kó tó kú. Mo fi gbogbo wọn ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe rí, ó mọ́ kedere, kò sí àmì kankan lórí wọn. Lórí Wasáàpù, mo rí àmì méjì aláwọ̀ búlúù. Ó ti rí i. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù kan, mo rí mẹ́rin nínú àwọn fídíò náà lójú òpó rẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún un dáadáa.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà tààrà tuntun láìgba ìdajì owó ṣíwájú. Èyí tí mo bá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ fún un láti wò, mo máa ń kọ orúkọ mi gàdàgbà sáàárín àwòrán rẹ̀. Tí ìdajì kejì bá wọlé, èyí tó mọ́ á lọ. Bí iṣẹ́ bá tóbi, mo máa ń pín in sí mẹ́ta, kí gbèsè tí ẹnikẹ́ni lè jẹ mí má ju ìdá kan lọ. Mo tún máa ń kọ àdéhùn wa sínú í-meèlì, ìlà márùn-ún péré: ohun tí mo máa ṣe, iye ìgbà tí mo máa tún un ṣe, ọjọ́ tó máa parí, iye rẹ̀, àti ọ̀nà tí owó máa gbà wá. Kí ẹ tó dá iye, ẹ bèèrè iye tí ọ̀nà yẹn ń jẹ. Owó tí wọ́n bá sì fi káàdì san, oníbàárà ṣì lè lọ bá bánkì rẹ̀ pé kó gbà á padà, nítorí náà ẹ má ná an lọ́jọ́ tó wọlé.

Mo ti rí ẹni tó kọ̀ láti san ìdajì ṣíwájú, tó ní ẹ̀gàn ni. N kì í bá a jiyàn. Mo máa ń sọ fún un pé kó wá rí mi lórí ìkànnì, kí owó wà lọ́wọ́ wọn títí n ó fi parí. Ẹni tó bá ní owó lóòótọ́ máa ń gba ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ohun tí ọmọ náà ṣe

Kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó kọ lẹ́tà sí olóníbúrẹ́dì rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé pé àdéhùn òun pẹ̀lú ìkànnì kò gba òun láyè kí ọdún méjì tó pé, àti pé òun kò fẹ́ kí wọ́n ti àkáǹtì òun tàbí ti obìnrin náà pa. Ẹ̀rù bà á kó tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ìdáhùn wá lọ́jọ́ kejì: obìnrin náà ní òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí iṣẹ́ máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ó ti kọ ọjọ́ tí ọdún méjì náà máa pé sínú kàlẹ́ńdà fóònù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà lọ bá ìyá aládìrẹ náà, ó bi í bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọjà tún wà tí wọ́n ń fi aṣọ ránṣẹ́ sókè òkun. Ìyá náà dárúkọ mẹ́rin fún un. Méjì ti san ìdajì.